Ọjọ́ Mẹ́wàá Tó Wà Láàárín Tíréè àti Oko

Ọmọ irúgbìn tòmátì tó dára lójú jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti tọ́ ni ó kú jù lóko. Ewé wọn fẹ̀, àwọ̀ wọn ṣú, wọ́n sì ga débi pé ẹni tó bá wọ abẹ́ àwọ̀n ìbòji mi á kọ́kọ́ yìn wọ́n kó tó kí mi. Mo kó wọn jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbìn wọ́n sórí ebè tó tutù, mo sì bomi rin wọ́n dáadáa. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán ọjọ́ kejì fi máa rọlẹ̀, ewé òkè wọn ti ń funfun. Kò pẹ́ tí ibi tó funfun náà fi gbẹ, tó sì ń rún wẹ́wẹ́ bí mo bá fọwọ́ kàn án.

Àìsàn ni mo pè é. Mo po oògùn tó ń pa èbu, mo fín in, kò sí ohun tó yí padà. Àgbẹ̀ àgbà kan tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ló wá bẹ̀rẹ̀ wo ebè náà. Ó fọwọ́ gbé ewé kan sókè, ó sì fi èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn mí.

"Wò ó," ó ní, "èyí tí ewé mìíràn ṣíji bò ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ṣé àìsàn yìí mọ ibi tí òjìji wà ni?"

Mo ní, "Bàbá, kí wá ni ẹ rò pé ó ṣe é?"

"Oòrùn ni. O ò jẹ́ kí oòrùn mọ́ wọn lára kí o tó kó wọn wá síbí."

Bí mo ṣe ń dá a mọ̀ nísinsìnyí nìyí. Ewé tí oòrùn jó máa ń hàn láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí irúgbìn bá ti dé ìta gbangba. Apá tó kọjú sókè nìkan ló ń funfun. Ibẹ̀ á gbẹ, á sì dúró bẹ́ẹ̀, kò ní máa fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Ewé tuntun tó bá yọ lẹ́yìn ìyẹn á yọ pẹ̀lú àwọ̀ tó péye. Àìsàn kì í yọ ewé tó wà lábẹ́ òjìji sílẹ̀. Ńṣe ló ń tàn láti ewé dé ewé, ó sì sábà máa ń mú ewé ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń pẹ́ kó tó gbẹ. Ká ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò bá má fi oògùn kún ìyà tí àwọn ewé ọ̀hún ti ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ lóko. Inú tíréè, ìyẹn àwo olójú kéékèèké tí mo fi ń tọ́ irúgbìn, ló ti bẹ̀rẹ̀. Tíréè olójú 200 ni mo lò, nítorí pé irúgbìn púpọ̀ ló máa wọ inú rẹ̀ láìgba àyè. Bí ojú tíréè bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i. Ohun tó wọ ojú kan lórí tíréè olójú 200 kì í sábà kún ṣíbí ìjẹun kan. Omi tó wà nínú rẹ̀ ti tán kí ọ̀sán tó mú, gbòǹgbò sì ti kún inú rẹ̀ kí irúgbìn tó gbó tó láti ṣí lọ sóko. Tíréè olójú 128 ni mo fi ń tọ́ tòmátì báyìí, ó sì máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún kó tó ṣeé ṣí. Tí mo bá fura pé oko lè má tètè ṣe tán, olójú 72 ni mo ń mú, nítorí pé ojú rẹ̀ tóbi, irúgbìn sì lè fara dà á nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i láìjìyà.

Ilẹ̀ oko kò yẹ tíréè. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nítorí pé ó wà nítòsí, ọ̀fẹ́ sì ni. Lórí ebè, omi máa ń rí ọ̀nà sá lọ sísàlẹ̀, kòkòrò ilẹ̀ àti gbòǹgbò sì ń la ilẹ̀ fún un. Nínú ojú tíréè tó kéré, ilẹ̀ kan náà á kì pọ̀, omi á dúró lójú rẹ̀, a ó sì wá rí irúgbìn tó dúró ṣánṣán ní alẹ́ tó ti dọ̀bálẹ̀ ní òwúrọ̀. Tí a bá wo ìdí rẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀, ó ti tín-ín-rín, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì rọ̀ bí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àrùn inú ilẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, omi tó pọ̀ jù ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Èyí tó bá ti ṣubú kò ní dìde mọ́. Ohun tó kù ni kí a yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú àwọn tó yí i ká, kí a jẹ́ kí ojú tíréè gbẹ díẹ̀, kí a sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa kọjá láàárín àwọn tó kù.

Kókópíìtì, ìyẹn èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀, ni mo ń lò báyìí. Òun náà ní àbùkù tirẹ̀. Òmíràn máa ń ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ yẹn sì lè jó etí ewé irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Mo máa ń rẹ ẹ́ sínú omi, kí n da omi náà nù, kí n tún omi tuntun bù sí i, kí n sì tún dà á nù kí n tó lò ó. Lẹ́yìn náà, mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí n fún un. Tí omi bá ń kán tó-tó-tó láàárín ìka mi, ó tó. Tí omi bá ń ṣàn, ó pọ̀ jù. Tí kò bá kán rárá, tó sì tú ká nígbà tí mo ṣíwọ́, ó gbẹ jù. Mo máa ń bù ú kún ojú tíréè, kí n sì gbá tíréè mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lè jókòó. Mi ò kì í fi àtàǹpàkò kì í mọ́lẹ̀, nítorí pé ohun tí a bá kì báyẹn kò ní àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́.

Hóró kan ni mo ń fi sí ojú kan, ní jíjìn bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí n tó bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tòmátì máa ń yọ láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́jọ níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ó tó yọ, a lè fi ọ̀rá bo tíréè tàbí kí a to wọn léra kí omi inú wọn má bàa gbẹ. Ibí yìí ni a ti ní láti lajú wa. Ọjọ́ tí àwọn àkọ́kọ́ bá gbé orí jáde ni a gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, bí èyí tó pọ̀ kò tilẹ̀ tíì yọ. Mo ti fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì rí, mo ní kí àwọn tó kù dé bá wọn. Nígbà tí mo máa fi ṣí i, àwọn àkọ́kọ́ ti na ọrùn gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó funfun, wọ́n ń wá ìmọ́lẹ̀ tí kò sí. Ọrùn yẹn kò ní kúrú mọ́ láé. Òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ ṣẹ́ nígbà tí atẹ́gùn oko bá fẹ́ lù ú.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò fojú sí lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹn ibi tí tíréè jókòó sí. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo máa ń tò wọ́n sí. Gbòǹgbò wọn gba ihò ìsàlẹ̀ tíréè wọ inú ilẹ̀, wọ́n sì ń jẹun níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti dé oko. Ìdí kan nìyẹn tí tèmi ọjọ́sí fi ga tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé tíréè, mo gbọ́ bí gbòǹgbò ṣe ń já pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Àwọn tó já yẹn gan-an ló ń fa omi wá fún ewé. Orí pákó tí mo gbé kalẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, tí mo sì fi àyè sí láàárín, ni tíréè mi ń wà báyìí. Nígbà tí orí gbòǹgbò bá yọ sí afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀, á gbẹ, á dúró, irúgbìn á sì pẹ̀ka gbòǹgbò mìíràn sínú ojú tíréè. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣùpọ̀ gbòǹgbò ṣe ń di odindi tó ṣeé fà yọ láìfọ́.

Ajílẹ̀ ló tún ba tèmi jẹ́. Kókópíìtì kò ní oúnjẹ kankan tó ní láárí fún irúgbìn, nítorí náà a ní láti fún un ní ohun tó máa jẹ nígbà tí ewé gidi àkọ́kọ́ bá ti yọ lẹ́yìn ewé méjì tó bá hóró jáde. Ajílẹ̀ tó ń yọ́ nínú omi, tí wọ́n kọ 20-20-20 sí lára, ni mo lò. Gíráàmù kan rẹ̀ nínú lítà omi kan ń fún irúgbìn ní mílígíráàmù 200 náítírójìn, nítorí pé 20 tó ṣáájú ni iye náítírójìn tó wà nínú 100. Ìyẹn ni mo ń dà sí wọn ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ bomi rin. Náítírójìn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òjìji ń mú kí irúgbìn sáré dàgbà, kí ewé rẹ̀ fẹ̀, kó ṣú, kí ara rẹ̀ sì rọ̀ bọ̀kọ̀tọ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń yìn nìyẹn o. Ìdajì gíráàmù sí lítà kan, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ni mo ń lò báyìí. Omi lásán ni mo ń fún wọn ní àwọn ọjọ́ tó kù. Irúgbìn mi kì í ṣú bíi ti àtijọ́ mọ́, mi ò sì banújẹ́ sí i.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ewé, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni máa ka ọjọ́ fún un. Ewé tó dàgbà lábẹ́ òjìji máa ń tinrin. Ìpele kan tó dà bí ìda ló bo ojú ewé, òun ni kì í jẹ́ kí omi ara ewé gbẹ jáde. Lábẹ́ òjìji, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù tó sì rọ̀, ìda yẹn fẹ́lẹ́. Ewé sì ní àwọn ihò tíntìntín tó fi ń mí. Lára ewé tí òùngbẹ kò gbẹ rí, àwọn ihò yìí kì í tètè pa dé bí omi bá dín kù. Tí a bá gbé irú ewé bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ oòrùn gbangba pẹ̀lú atẹ́gùn, omi á máa jáde lára rẹ̀ ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á wọlé lọ, ìmọ́lẹ̀ tó le ju agbára rẹ̀ lọ á sì ba ohun tó fún ewé láwọ̀ jẹ́. Ibẹ̀ ni funfun ti ń wá. Tí oòrùn àti atẹ́gùn bá dé díẹ̀díẹ̀, ìda á nípọn, àwọn ihò á kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa dé, ọ̀pá irúgbìn á sì le. Àmọ́ lára ewé tuntun ni púpọ̀ nínú èyí ti ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, ewé tuntun sì ń fẹ́ àyè kó tó yọ. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ méjì kò fi lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n mú tíréè tòmátì olójú 128 kan, kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Irúgbìn náà ti ní ewé gidi mẹ́ta sí mẹ́rin, abẹ́ àwọ̀n tó ń dá nǹkan bí ìdajì oòrùn dúró ló sì wà. Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, mo máa ń gbé e jáde nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kí n sì gbé e wọlé lẹ́yìn wákàtí méjì. Mo máa ń wá ibi tí nǹkan dá atẹ́gùn dúró, nítorí pé atẹ́gùn lè gbẹ irúgbìn ju oòrùn lọ láìjẹ́ pé a fura. Ajílẹ̀ ti dúró láti ọjọ́ yìí. Ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, ó ń lo wákàtí mẹ́rin níta, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti wọlé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ní ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà, mo máa ń fi í sílẹ̀ di ọ̀sán, kí n gbé e sábẹ́ àwọ̀n nígbà tí oòrùn bá le jù, kí n tún gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ keje àti ìkẹjọ, ó ń wà níta láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ ló sì ń sùn. Ọjọ́ kẹsàn-án àti ìkẹwàá, kò wọlé mọ́ àyàfi tí òjò ńlá bá ń bọ̀.

Ẹni tí tíréè rẹ̀ pọ̀ débi tí kò ṣeé máa gbé lọ gbé bọ̀ lè fi wọ́n sójú kan, kó máa ká àwọ̀n kúrò lórí wọn ní iye wákàtí kan náà. Èmi gan-an ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sàn fún ẹ̀yìn.

Ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú kì í wọ inú kíkà. Mi ò mọ èyí títí di ìgbà kan tí kùrukùru fi bo oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra láàárín ọjọ́ mẹ́wàá mi. Mo ń kà wọ́n lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run là, ó bá irúgbìn mi ní ìta gbangba láti àárọ̀ di alẹ́, ewé òkè sì tún funfun bíi ti àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré sí ti ìgbà yẹn. Láti ìgbà náà, tí oòrùn kò bá ràn lónìí, ibi tí mo dé lánàá ni mo ṣì wà.

Omi ni èyí tó ń fẹ́ ojú inú jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ pé kí a dín omi kù, wọ́n wá ń fún irúgbìn ní omi díẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyẹn á rin òkè nìkan, ìsàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò pọ̀ sí á wà ní gbígbẹ. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń jẹ́ kí àyè omi kan sí èkejì jìn sí ara wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá bomi rin, mo máa ń rin ín títí omi fi máa kán nísàlẹ̀ tíréè. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ àkókò rẹ̀. Mo máa ń gbé tíréè ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí mo bomi rin ín, kí n mọ bó ṣe wúwo tó, kí n tún gbé e ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Láìpẹ́, ọwọ́ á mọ ìwúwo tíréè tó yó yàtọ̀ sí ti èyí tí òùngbẹ ń gbẹ. Nígbà tó bá ti fúyẹ́, tí àwọ̀ ojú kókópíìtì ti ṣá, tí ewé ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ díẹ̀, àkókò omi ti tó. Mi ò kì í dúró kí ewé òkè náà rọ. Ẹ sì wo etí tíréè dáadáa: àwọn tó wà létí ló ń kọ́kọ́ gbẹ, nítorí pé atẹ́gùn ń kàn wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n lè ti máa kú lọ nígbà tí àárín ṣì ń rin gbindin. Mo máa ń lọ yí etí po pẹ̀lú omi lọ́tọ̀, mo sì ń yí ipò tíréè padà kí ẹ̀gbẹ́ kan náà má bàa máa jìyà.

Òwúrọ̀ ni mo ń bomi rin, kí ewé lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ń lo rọ́bà gígùn tó wà lójú oòrùn, kó kọ́kọ́ da omi inú rẹ̀ sílẹ̀ títí ti tútù á fi dé. Omi tó ti jókòó sínú rọ́bà ní ọ̀sán lè gbóná débi tí yóò bọ irúgbìn.

Irúgbìn tó ti le máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Ewé rẹ̀ nípọn sí i bí a bá fi ìka méjì mú un, àwọ̀ rẹ̀ kò dán bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọ̀pá rẹ̀ sì lè pọ́n díẹ̀ nísàlẹ̀. Tí mo bá fọwọ́ gbá orí wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kọjá, wọ́n á tẹ̀, wọ́n á sì padà dìde lójú ẹsẹ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n lè rọ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á ti nà kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó bá ṣì rọ ní òwúrọ̀, yálà omi kò dé gbòǹgbò rẹ̀, tàbí gbòǹgbò náà ti ń rà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń fa ọ̀kan yọ láti wo ìdí rẹ̀. Mo máa ń fi ìka ti ìsàlẹ̀ ojú tíréè, kí n di ìdí ọ̀pá mú, kí n fà á sókè. Tí kókópíìtì bá tú dànù, ó kù díẹ̀. Tó bá jáde ní odindi, tí gbòǹgbò funfun hàn lára rẹ̀ yíká ṣùgbọ́n tí mo ṣì ń rí kókópíìtì láàárín wọn, ọjọ́ oko ti pé. Tí gbòǹgbò bá ti yí ara wọn po bí okùn, tí àwọ̀ wọn ti ń pọ́n bí ìpẹtà, a ti pẹ́ jù.

Àṣejù wà nínú èyí náà o. Lẹ́yìn tí oòrùn ti fi ìyà jẹ mí, mo wá lọ sí ìpẹ̀kun kejì. Mo fi òùngbẹ gbẹ wọ́n, mo febi pa wọ́n, mo sì fi wọ́n síta fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Wọ́n le lóòótọ́, ọ̀pá wọn dà bí igi gbígbẹ, ewé ìsàlẹ̀ sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nígbà tí wọ́n dóko, wọn kò kú, ṣùgbọ́n wọn kò dàgbà. Wọ́n dúró lójú kan, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó lo ọjọ́ mẹ́wàá ti ń yọ ẹ̀ka. Àwọn kan tilẹ̀ so òdòdó nígbà tí wọn kò tíì ga, òdòdó bẹ́ẹ̀ kò sì ní ewé tó máa bọ́ èso. Ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ló tó fún tòmátì. Ẹni tí oko rẹ̀ kò bá tíì ṣe tán lẹ́yìn ìyẹn, kó padà máa fún wọn ní omi déédéé pẹ̀lú ajílẹ̀ tó fẹ́lẹ́, kó sì jẹ́ kí wọ́n wà níta níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìṣígbìn, òùngbẹ ti parí. Mo máa ń bomi rin wọ́n ní àrinyó pẹ̀lú ajílẹ̀ ìdajì gíráàmù sí lítà kan, kí n tún rin wọ́n ní wákàtí díẹ̀ kí n tó fà wọ́n yọ. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gbìn, kí wọ́n lè rí odindi òru kan kí oòrùn tó dé. Ebè ti gbọ́dọ̀ tutù kí irúgbìn tó dé ibẹ̀.

Mo rí ohun kan kọ́ níbi gbígbìn fúnra rẹ̀, tó yà mí lẹ́nu ju gbogbo ìyókù lọ. Àwọn kan lára irúgbìn tó ti le dáadáa ń rọ lórí ebè tó rin gbindin. Mo hú ọ̀kan wò. Ilẹ̀ tó yí i ká tutù, ṣùgbọ́n ìṣùpọ̀ kókópíìtì tó wà ní ìdí rẹ̀ ti gbẹ fúláfúlá. Mo ti gbìn ín sókè jù, orí ìṣùpọ̀ náà sì yọ sí afẹ́fẹ́. Ó wá ń ṣe bí òwú fìtílà: ó ń fa omi sókè, oòrùn àti atẹ́gùn sì ń gbà á lọ lójú kan náà, nígbà tí gbòǹgbò kò tíì kọjá sínú ilẹ̀ oko láti wá omi mìíràn. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń rì í wọlẹ̀ títí ilẹ̀ oko yóò fi bo orí ìṣùpọ̀ náà tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, kí n fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ṣe dúró láàárín, kí n sì bomi rin ín sí ìdí lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe sí orí ewé. Ti tòmátì tilẹ̀ lè jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ tó bá wọ inú ilẹ̀ máa ń yọ gbòǹgbò tuntun. Ẹni tí irúgbìn tòmátì rẹ̀ bá ti na ọrùn lè fi ọgbọ́n yìí gbà á là. Fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún àkọ́kọ́, ìdí irúgbìn gan-an ni kí omi máa dé, bí ilẹ̀ tó yí i ká tilẹ̀ rin.

Kì í ṣe gbogbo irúgbìn ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ata ń dàgbà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju tòmátì lọ, ó sì máa ń pẹ́ sí i nínú tíréè, nítorí náà ojú tó tóbi yẹ ẹ́. Mi ò kì í fi òùngbẹ gbẹ ẹ́ tó ti tòmátì, nítorí pé bí ó bá ti dúró, ó máa ń pẹ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kùkúńbà àti bàrà ni kò fẹ́ wàhálà rárá. Gbòǹgbò wọn kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn án, wọ́n sì máa ń gbó tètè. Ewé gidi méjì péré ni mo ń dúró de, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn gbígbìn. Ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún oòrùn ni mo ń fún wọn, láìdín omi wọn kù ju díẹ̀ lọ.

Tíréè kan ni mo máa ń fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko lẹ́yìn tí mo bá ti gbìn tán, níta gbangba, tí mo ń bomi rin. Irúgbìn tó bá kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú rẹ̀ ni mo ti ń fa èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ yọ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, mo ń gbọn ọ́n dànù kí n lè fọ tíréè fún èyí tó kàn.